Kí ni 28 tó wà lára ṣòkòtò jíìnsì ń sọ? Bí ẹ ṣe lè ka lébẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó sanwó

Nínú ọjà òkìrìkà, yálà Katangua l'Ékòó ni tàbí èyí tó wà ládùúgbò yín, ṣòkòtò jíìnsì tí wọ́n rán fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Ṣáínà lè wà nínú òkìtì kan ṣoṣo. Nọ́mbà wà lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ohun tí nọ́mbà wọn ń sọ kì í ṣe ọ̀kan náà. 28 tó wà lára ọ̀kan lè jẹ́ ti ọmọbìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí 28 tó wà lára èkejì sì jẹ́ ti obìnrin tó sanra dáadáa.

Ẹni tó ń tà á kì í sábàá gbà á padà, kì í sì í sábàá sí ibi tẹ́ ẹ ti lè wọ̀ ọ́ wò. Bẹ́ ẹ bá délé tí ṣòkòtò ò kọjá itan, owó yín ti wọgbó nìyẹn. A ṣàlàyé sísàlẹ̀ yìí bí ẹ ṣe máa ka lébẹ́ẹ̀lì náà, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀ bó bá ń parọ́.

Nọ́mbà méjì: W àti L

Èyí ló rọrùn jù, ara jíìnsì ọkùnrin ló sì wọ́pọ̀ sí. Bẹ́ ẹ bá rí W32 L34, tàbí 32x34, tàbí 32/34, nọ́mbà àkọ́kọ́ ni ìbàdí, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní wéèsì. Nọ́mbà kejì ni gígùn ẹsẹ̀. Íǹṣì ni wọ́n fi ka méjèèjì.

Àmọ́ gígùn yìí kì í ṣe láti ìbàdí dé ilẹ̀ o. Láti ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì ti pàdé lábẹ́ síìpù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n á gba inú itan sọ̀ kalẹ̀ dé etí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí pé láti ìbàdí, gba ẹ̀gbẹ́, ni télọ̀ ilé wa sábà máa ń wọn ṣòkòtò. Ẹni tí télọ̀ kọ gígùn 42 sílẹ̀ fún ò lè rí L42 nínú ọjà. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó yọ nǹkan bí íǹṣì 10 kúrò nínú 42 yẹn, ìyẹn àyè tó wà láti ìbàdí dé ìpàdé ẹsẹ̀. Ó máa kù 32. L32 gan-an ló ń wá.

Ibo ni nọ́mbà ti obìnrin ti wá?

Aṣọ iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ni jíìnsì níbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1873 ni télọ̀ kan tó ń jẹ́ Jacob Davis àti Levi Strauss, tó ń ṣòwò aṣọ nílùú San Francisco l'Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ láti máa fi ìdè bàbà kan igun àpò ṣòkòtò kó má baà ya. Ó di ọdún 1934 kí ilé iṣẹ́ Levi Strauss tó gbé jíìnsì tiẹ̀ jáde fún àwọn obìnrin.

Aṣọ obìnrin ní tiẹ̀ ti ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà fún un ní nọ́mbà. Láàárín ọdún 1939 sí 1940, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n wọn ara nǹkan bí obìnrin 15,000. Lọ́dún 1958, wọ́n lo èsì rẹ̀ láti fi gbé ìlànà kan jáde tó fún ìwọ̀n aṣọ obìnrin ní nọ́mbà bíi 10, 12, 14. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí íǹṣì nínú nọ́mbà wọ̀nyí. Orúkọ lásán ni wọ́n. Kò sì pọn dandan fún ilé iṣẹ́ kankan láti tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1983 ni wọ́n fa ìlànà náà tì pátápátá, tí kálukú sì ń fi òṣùwọ̀n ara rẹ̀ ránṣọ.

Jíìnsì obìnrin wá wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Àwọn kan ń lo nọ́mbà bíi 26, 27, 28 dé 34, èyí tó jọ íǹṣì. Àwọn mìíràn ń lo nọ́mbà aṣọ obìnrin bíi 6, 10 tàbí 38.

28 ti obìnrin: ó jọ íǹṣì, àmọ́ kì í ṣe íǹṣì

Bẹ́ ẹ bá rí 28 nìkan lára jíìnsì obìnrin, ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń sọ ni pé, "Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 28 la rán an fún." Kò sọ pé ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ 28. Bẹ́ ẹ bá fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ lè bá 29, 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ṣòkòtò máa ń dúró sí lára. Ìbàdí tí wọ́n ń sọ yẹn ni ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù láàárín egungun ìhà àti ìdodo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jíìnsì kì í gòkè débẹ̀, ìsàlẹ̀ ìdodo ló máa ń dúró sí, ara èèyàn sì ti fẹ̀ níbẹ̀ ju òkè lọ. Bí ṣòkòtò náà bá ṣe wà nísàlẹ̀ tó ni ọ̀já ìbàdí rẹ̀ á ṣe fẹ̀ tó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé 28 náà ni wọ́n kọ sí i.

Èkejì ni pé àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀ pé inú oníbàárà máa ń dùn bí nọ́mbà kékeré bá gbà á. Wọ́n á wá rán aṣọ tó fẹ̀, wọ́n á kọ nọ́mbà kékeré sí i. Ti ọkùnrin náà kò yọ sílẹ̀. Lọ́dún 2010, ìwé ìròyìn Esquire l'Amẹ́ríkà fi tépù wọn àwọn ṣòkòtò ọkùnrin tí wọ́n kọ 36 sí lára. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ íǹṣì 41. Èyí fi hàn pé W pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi 28 yìí wé ti ìlú mìíràn, nínú ọ̀pọ̀ àtẹ ìwọ̀n, ó sún mọ́ US 6, UK 10 àti EU 38. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti obìnrin, ẹ fi 4 kún ti Amẹ́ríkà kẹ́ ẹ lè mọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú un bí àmọ̀nà lásán, torí ilé iṣẹ́ mìíràn á pe 28 tirẹ̀ ní US 4 tàbí 8.

Lẹ́tà tó ń tanni jẹ

Nọ́mbà nìkan kọ́ lẹ ó máa wò. Ẹ wo lẹ́tà tó wà pẹ̀lú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí lẹ́tà náà wà.

W28 tí W ṣáájú ni ìbàdí 28. 28W 30L náà rí bẹ́ẹ̀, torí L tó tẹ̀ lé e ń sọ fún yín pé W yẹn dúró fún wéèsì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 28W nìkan ló wà lára aṣọ obìnrin tó wá láti Amẹ́ríkà, W yẹn kì í ṣe wéèsì mọ́. Àmì aṣọ àwọn obìnrin tó sanra ni, ìbàdí rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí íǹṣì 46 sí 50. UK 28 náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí àbúrò yín tó wà ní London bá ní òun wọ 28, ẹ bi í pé 28 ti jíìnsì ni àbí UK 28, kí télọ̀ tàbí ọlọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ti L náà nìyẹn. L32 túmọ̀ sí pé gígùn inú ẹsẹ̀ jẹ́ íǹṣì 32. Ṣùgbọ́n 28L tàbí 10L lára ti obìnrin ń sọ pé ẹni tó ga ni wọ́n rán an fún. Bó bá jẹ́ S, ti ẹni kúkúrú ni. Bó bá jẹ́ R, ti ẹni tó wà láàárín ni. Iye íǹṣì tí lẹ́tà wọ̀nyí dúró fún kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì.

Lára èyí tí wọ́n rán fún àwọn ará Ṣáínà, ẹ lè rí 165/70A. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n lò: 165 ni gíga ẹni tó máa wọ̀ ọ́, 70 ni ìbàdí rẹ̀, A sì ń sọ irú ìdúró ara. Bẹ́ ẹ bá pín 70 sí 2.54, ẹ máa rí i pé ó jẹ́ íǹṣì 27 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ó sún mọ́ 28 nìyẹn.

Ẹ mú tépù lọ sọ́jà

Níwọ̀n bí lébẹ́ẹ̀lì ò ti ṣeé gbára lé tán, tépù ni yóò parí ẹjọ́. Nílé, ẹ wọn ibi mẹ́ta lára yín: ìbàdí níbi tẹ́ ẹ máa ń so ṣòkòtò mọ́, ìdí níbi tó yọ jù, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní híìpù, àti inú ẹsẹ̀ láti ìpàdé itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má fa tépù náà le, ẹ má sì jẹ́ kó dẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín.

Nọ́jà, ẹ de bọ́tìnì ṣòkòtò náà, ẹ fa síìpù rẹ̀ sókè, ẹ wá tẹ́ ẹ sórí ohun tó tẹ́jú. Iwájú jíìnsì sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ fa ti iwájú sókè kó bá ti ẹ̀yìn dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ̀n yín ò ní péye. Ẹ wá wọn ọ̀já ìbàdí láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí di ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ 15, ìbàdí ṣòkòtò náà jẹ́ 30 nìyẹn.

Ẹ ṣe bákan náà fún híìpù, ní déédéé ibi tí síìpù parí sí nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn inú ẹsẹ̀ láti ìpàdé ẹsẹ̀ dé etí ìsàlẹ̀. Ti òkìrìkà, ẹ má fojú fo èyí o, torí pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lè ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. L34 á wà lára lébẹ́ẹ̀lì, ohun tó kù lẹ́sẹ̀ sì lè má ju 30 lọ.

Ìgbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà nínú, tó ń sọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ. Bó bá jẹ́ òwú 100 nínú 100, kò ní nà. Híìpù ṣòkòtò náà ò gbọdọ̀ kéré sí tiyín rárá, ó sì dáa kó fi íǹṣì kan jù ú lọ. Bí ìdá 2 tàbí 3 nínú 100 bá jẹ́ ẹlásítéènì, ìyẹn fọ́nrán tó ń nà bíi rọ́bà, híìpù ṣòkòtò lè fi íǹṣì kan tàbí méjì dín sí tiyín, á sì gbà yín. Àmọ́ ẹ fọwọ́ fa aṣọ náà níbi itan kẹ́ ẹ sì jù ú sílẹ̀. Bó bá nà tí kò padà, tàbí tẹ́ ẹ rí òwú funfun tíntìntín tó ń yọ jáde tí ojú aṣọ sì ń wú kúlúkúlú, ẹlásítéènì rẹ̀ ti kú. Bẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún àti ìdí rẹ̀ á wú.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ṣòkòtò mẹ́ta wò

Ká ní obìnrin kan ní ìbàdí 31 níbi tó ń so ṣòkòtò mọ́, híìpù rẹ̀ jẹ́ 41, inú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 30. Ọlọ́jà mú jíìnsì mẹ́ta síwájú rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ní W28, òwú 100 sì ni. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó bá 15 ní ọ̀já ìbàdí, ìyẹn 30. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, torí pé íǹṣì kan péré ló fi dín sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n híìpù rẹ̀ jẹ́ 19 àti ààbọ̀, ìyẹn 39. Aṣọ tí kò nà tó fi íǹṣì méjì dín sí ìdí èèyàn, itan ni yóò há sí. Ó dá a padà.

Èkejì jẹ́ UK 12, ẹlásítéènì rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 2 nínú 100. Ìbàdí rẹ̀ 30, híìpù rẹ̀ 40. Aṣọ náà nà, ó sì padà dáadáa nígbà tó fà á. Èyí máa gbà á, á kàn fún mọ́ ọn lára. Àmọ́ inú ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Ó fi íǹṣì mẹ́ta kúrú, wọ́n sì ti gé etí rẹ̀ débi pé kò sí aṣọ tó ká sínú tí télọ̀ lè tú. Bí kò bá fẹ́ ṣòkòtò tó ń fi ọrùn ẹsẹ̀ hàn, kò ní mú un.

Ẹ̀kẹta ní 31/34, òwú 100. Ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 33, híìpù rẹ̀ 42, inú ẹsẹ̀ rẹ̀ 31, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti gé e rí. Bẹ́ ẹ bá wò ó lóréfèé, ẹ ó ní ó tóbi. Síbẹ̀, èyí gan-an ló yẹ kó rà. Híìpù náà gbà á pẹ̀lú àyè íǹṣì kan. Íǹṣì méjì tó lé ní ìbàdí, télọ̀ á gbà á sínú láti ẹ̀yìn. Íǹṣì kan tó lé nílẹ̀, á ká a sókè.

Kí ni télọ̀ lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Ohun tí ìpín tó wà lókè yìí kọ́ wa ni pé híìpù ni kẹ́ ẹ fi yan jíìnsì, kì í ṣe nọ́mbà ìbàdí. Ìbàdí tó fẹ̀ ṣeé dín. Ẹsẹ̀ tó gùn ṣeé gé. Ṣùgbọ́n híìpù tó há kò ṣeé tú bíi ti ṣòkòtò ìró tí télọ̀ fi aṣọ sílẹ̀ sí nínú. Ọ̀pọ̀ ojú rírán jíìnsì ni wọ́n ká sínú ara wọn, tí wọ́n sì fi òwú lílé gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí aṣọ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ láti tú sílẹ̀. Kódà tí wọ́n bá tú u, ojú ibi tí wọ́n ti rán an tẹ́lẹ̀ á dúdú ju ìyókù lọ.

Dídín ìbàdí náà ní ààlà. Íǹṣì kan tàbí méjì kò ní hàn. Bó bá ti tó mẹ́ta sí mẹ́rin, àpò ẹ̀yìn méjèèjì á sún mọ́ ara wọn jù, ṣòkòtò á sì dà bí ohun tí wọ́n yá wọ̀.

Ohun kan ṣì kù fún ẹni tó bá ra jíìnsì tuntun tó jẹ́ òwú 100. Èyí tí wọn kò tíì sún ní ilé iṣẹ́ lè fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 kúrú nígbà tí omi bá kàn án, débi pé L32 lè di 29. Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbé e fún télọ̀ láti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti òkìrìkà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí, torí wọ́n ti fọ̀ ọ́ láìmọye ìgbà kó tó dọ́wọ́ yín. Ohun tí tépù bá sọ nípa rẹ̀ nínú ọjà, òun náà lẹ ó bá nílé.

Bẹ́ ẹ bá sì ní jíìnsì kan nílé tó bá yín lára mu dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ wọn ìbàdí, híìpù àti inú ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nọ́mbà mẹ́ta yẹn pamọ́. Bẹ́ ẹ bá ń ránni lọ́jà, tàbí tí ará ilé yín lókè òkun bá bi yín pé irú èwo lẹ ń wọ̀, nọ́mbà mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ fún un dípò 28.